Ẹsẹ̀ Méjèèjì Tó Ń Ta Bí Abẹ́rẹ́: Ẹ Má Fi Ọtí Wò Ó

Ìwé kékeré yìí wà fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ará ilé wọn. Ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ bàbá oníkòkó kan lágbègbè wa nígbà ọyẹ́ tó kọjá ló mú wa kọ ọ́. Bàbá jókòó ti iná lálẹ́, wọ́n na ẹsẹ̀ síbẹ̀ kó lè móoru. Ìyàwó wọn ló kọ́kọ́ gbóòórùn ẹran tó ń jóná. Àwọn fúnra wọn kò mọ nǹkan kan. Nígbà tí a bi wọ́n, wọ́n ní ó ti tó ọdún méjì tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti ń ta bí abẹ́rẹ́, tó sì ń kú, ṣùgbọ́n àwọn ti ń lo oògùn sí i. Oògùn náà ni egbò igi tí wọ́n rẹ sínú ògógóró: ife kékeré kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, méjì lálẹ́. A tún wá gbọ́ pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn yìí rárá, ọtí inú ọ̀rá kì í wọ́n lápò wọn.

Àṣìṣe tí mò ń rí láti abúlé dé abúlé nìyí. Ọtí wà lára ohun tó ń ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́, ìyẹn iṣan tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan òun; ọtí kan náà la tún ń rà láti fi wo ẹsẹ̀ ọ̀hún. Ó máa ń dà bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan tàbí méjì, nítorí ọtí a máa pa ìrora. Tó bá dá lára, ẹsẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀, ẹni náà á sì tún gbé ife. Paraga tí wọ́n pè ní oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, ọtí ni. Egbò tí wọ́n fi omi sè yàtọ̀ sí egbò tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ àgbo tàn yín.

Bí àìsàn yìí ṣe máa ń wọlé nìyí. Orí ìka ẹsẹ̀ méjèèjì ló ti ń bẹ̀rẹ̀, lọ́gbọọgba. Àwọn kan ní bí èèrà ṣe ń rìn ló rí, àwọn kan ní ẹsẹ̀ ń jó wọn lálẹ́ débi tí aṣọ ìbora kò fi gbọ́dọ̀ kàn án. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, á gun ọrùn ẹsẹ̀, á gun ojúgun, bí ẹni tó ń fa ìbọ̀sẹ̀ wọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá fẹ́ dé orúnkún, ìka ọwọ́ náà á bẹ̀rẹ̀. Iṣan tó gùn jù lára ló kọ́kọ́ ń jìyà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹsẹ̀ ló ń ṣáájú ọwọ́. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń ta, tí ó sì ń fà láti ìdí wá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, kì í ṣe èyí tí à ń sọ níhìn-ín. Tó bá sì jẹ́ pé láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ẹsẹ̀ kò lè gbé ara mọ́, tàbí tí ìtọ̀ dúró, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé ẹni náà lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ lè yẹ ara yín wò nílé. Kí ẹni tí ara rẹ̀ ń ṣe dijú, kí ẹlòmíràn fi òwú kan ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ níbí àti lọ́hùn-ún, kó máa sọ ibi tí wọ́n fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn náà kí wọ́n di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀, kó sọ ọ̀nà tó gbà. Ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ ọ́n. Èyí tó tún ń fi ara hàn láìsí ìdánwò ni ti omi ìbọ́jú: ẹni náà bẹ̀rẹ̀ síbi bàsíà, ó bu omi sójú, ó dijú, ó sì ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Ojú ló ti ń bá ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ látọjọ́ yìí, tí ojú bá ti dí, ẹsẹ̀ kò mọ ibi tó wà mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí oúnjẹ. Fítámì méjì tí iṣan kò lè ṣe láìsí ló jẹ wá lógún: B1 àti B12. Àgbàlagbà ọkùnrin nílò B1 bíi mílígíráàmù 1.2 lójoojúmọ́, èyí tó sì wà nípamọ́ lára kò ju bíi ọgbọ̀n mílígíráàmù lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin tí ènìyàn kò bá jẹ ẹ́, ó ti ń tán. B12 ní tirẹ̀, máíkíróógíráàmù 2.4 péré là ń fẹ́ lójúmọ́, ẹ̀dọ̀ sì lè tọ́jú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ohun tó ń tan ènìyàn nìyẹn, nítorí ẹni tó ti fi ẹran, ẹja àti ẹyin sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta kò ní gbà pé oúnjẹ ló fa ohun tó bẹ̀rẹ̀ lánàá.

Ní ti B12, kò sí nínú ẹ̀fọ́, kò sí nínú gàrí, kò sí nínú ẹ̀wà. Ara ohun tó ní ẹ̀mí ló wà: ẹja, ẹran, ẹ̀dọ̀, ẹyin, wàrà. Ẹja Títù tó tó àtẹ́lẹwọ́ kan kọjá ohun tí ara ń fẹ́ lóòjọ́. Ẹyin kan kò ju bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lọ. Ẹja tí a fi sínú ọbẹ̀ kó lè ta sánsán, tí olórí ilé nìkan sì jẹ, kì í ṣe ẹja tí gbogbo ilé jẹ. Mo ti rí ilé tí ìyá àgbà ti ń jẹ omi ọbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, tí wọ́n ní ìyá kò fẹ́ràn ẹran. Ìyá kò ní eyín ni. Ẹ gún ẹja fún wọn.

Ní ti B1, ẹ̀wà àti ẹ̀pà ni kí ẹ gbára lé. Ife ẹ̀wà sísè kan lè gbé tó ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ara ń fẹ́ lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa lórí kán-ún. Ẹ máa ń fi kán-ún sí ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀. Kán-ún a máa ba B1 jẹ́ nínú ìkòkò, ẹ̀wà á rọ̀, àǹfààní rẹ̀ á sì ti lọ. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi láti alẹ́, ẹ sè é láìfi kán-ún sí i, ẹ má sì da omi tí ẹ fi sè é nù, nítorí B1 máa ń yọ́ sínú rẹ̀. Ìrẹsì tí a sè kí a tó pa á ní B1 ju èyí tí a kàn pa títí ó fi funfun nini lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ náà kò ṣe é fò. Ní 1968, Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, oníṣègùn iṣan ní Ìbàdàn, gbé ìwádìí jáde lórí irú àìsàn ẹsẹ̀ báyìí lára àwọn tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ ṣáá lọ́dọọdún: ẹsẹ̀ ń ta, ìrìn ń yẹ̀, ojú àti etí ń dín. Ó nàka sí májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí kò jinná dénú. Àwọn mìíràn tó tẹ̀lé e bá a jiyàn lórí ìyẹn. Èyí kò ní ká má ṣọ́ra. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tí ẹ rin wà nínú àpò fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó yan án, ẹ má ṣe é ní ọjọ́ kan nítorí ọjà.

Ọtí náà wá ń ṣe ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń fi májèlé rẹ̀ ba iṣan jẹ́, ó sì ń dí ìfun lọ́wọ́ kó má lè gba B1 wọlé. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ọ̀rá ọtí kan jẹ́ ọgbọ̀n mílílítà. Mẹ́wàá lóòjọ́ jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún mílílítà. Tí agbára rẹ̀ bá jẹ́ ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, ọgọ́fà mílílítà ògidì ọtí lẹ dà sínú ara lóòjọ́ kan. Ẹni tó ń mu bẹ́ẹ̀ kì í jẹun dáadáa, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Síbẹ̀, kí ẹni tó ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ má ṣe dáwọ́ dúró lójijì nínú oko. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ọwọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gìrì lè gbé e, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n bá a dá ọtí dúró pẹ̀lú oògùn. Tó bá ń ṣe bí ẹni tó dàrú, tí ojú ń yí, tí kò lè rìn tọ́, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọ̀mùtí ni, kí wọ́n lè fi B1 fún un kí wọ́n tó fa omi ṣúgà sí i lára. Ẹ má tijú láti sọ ọ́.

Àṣìṣe kejì: oògùn ẹ̀jẹ̀ lásán. Ó máa ń rẹ ẹni tí B12 kò tó lára rẹ̀, ojú rẹ̀ a funfun, a sì lọ ra fólíìkì áásìdì ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Ẹ̀jẹ̀ á gbéra, ara á yá, ṣùgbọ́n iṣan ẹsẹ̀ á ṣì máa bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yẹ B12 wò kí ẹ tó gbé fólíìkì lárugẹ. Kí wọ́n yẹ ṣúgà wò pẹ̀lú, nítorí àtọ̀gbẹ ló ń fa irú ẹsẹ̀ yìí jù. Ẹni tó ń lo mẹ́tífọ́míìnì fún àtọ̀gbẹ láti ọdún púpọ̀ náà wà nínú ewu àìtó B12, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, nítorí ikùn àgbà kì í fa á wọlé bí ti tẹ́lẹ̀.

Bàbá wa níyẹn, ṣúgà wọn dára. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, hóró ẹ̀jẹ̀ pupa wọn tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, B12 sì kéré. Dókítà bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ B12 ẹgbẹ̀rún máíkíróógíráàmù, ọjọ́ kejì-kejì ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì kọ B1 ọgọ́rùn-ún mílígíráàmù lóòjọ́. Ẹ má ra àkópọ̀ fítámì B fún ara yín láti fara wé wọn o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní B6 tó pọ̀ jù nínú, B6 àpọ̀jù fúnra rẹ̀ sì ń fa ẹsẹ̀ títa.

Iṣan kì í yára. Bíi mílímítà kan lóòjọ́ ló ń hù padà nígbà tó bá ráyè, ẹ sì wá wo bí orúnkún ṣe jìnnà sí ìka ẹsẹ̀ tó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, títa náà ti kúrò lójúgun bàbá, ó ti sọ̀kalẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ kò tíì gbọ́ nǹkan kan, ó sì lè má gbọ́ mọ́, nítorí ó ti pẹ́. Wọn kì í súnmọ́ iná mọ́. Tí wọ́n bá ti oko dé, ìyàwó wọn á gbé ẹsẹ̀ wọn sórí itan rẹ̀, á fi ọwọ́ wo àárín ìka kọ̀ọ̀kan, á gbọn bàtà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó yọ ẹ̀gún ọ̀pẹ kan tí bàbá ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kiri láti àárọ̀.