Ọkọ̀ oníná, oníbẹntiróòlù, dísẹ́ẹ̀lì àbí háíbíríìdì? Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ l'Ábẹ́òkúta

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, kò sí ibi téèyàn yà sí ní Pánṣẹ́kẹ́ tí wọn ò ti ní máa sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí kì í mu epo. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ń ṣe lórí rẹ̀ ni kò pé. Wọ́n á mú iye owó yúnìtì iná kan, wọ́n á fi wé iye owó lítà epo kan, wọ́n á ní ọkọ̀ oníná ti borí.

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá ni iye yúnìtì tó lè wọ inú ọkọ̀ náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ jẹ́ ká mú olùkọ́ kan tó ń gbé Ọbántókò, tó ń ṣiṣẹ́ l'Ókè-Mọ́sàn. Ká ní bó bá gbé ọmọ sílé ìwé, tó tún ya ọjà Kútọ̀, ó ń rin kìlómítà 40 lóòjọ́. Ọkọ̀ oníná kékeré á jẹ nǹkan bíi yúnìtì 7 fún ìrìn náà, ṣùgbọ́n nítorí pé díẹ̀ máa ń ṣòfò nígbà ṣáájì, 8 ni mítà máa kà. Ṣájà tó ń fa áḿpù 10 láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé á fún un ní yúnìtì 2 lé díẹ̀ ní wákàtí kan, bí iná bá pé fóòtì 230. Ta ni iná rẹ̀ ń pé 230 láago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti tan ẹ̀rọ amúlétutù? Bó bá já sí 160, yúnìtì 1.6 péré ni wákàtí kan máa gbé wọlé, ìyẹn ni pé wákàtí márùn-ún ló máa gbà á.

Bí iná bá ń wà fún wákàtí mẹ́fà lóru, olùkọ́ wa rọ́nà lọ. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, yúnìtì 5 ló máa rí fà nínú 8, gbèsè náà á sì máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Ẹni tó wà lórí Báńdì A, tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 fún, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀, bí ìlérí náà bá ṣẹ. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kọ wákàtí tí iná fi wà nílé yín sílẹ̀ fún oṣù kan, kí ẹ sì ní kí oníná bá yín wọn fóòtì lálẹ́.

“Jẹnẹrétọ̀ kúkú wà nílé.” Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ń ba ìṣirò jẹ́. Jẹnẹrétọ̀ oníbẹntiróòlù kékeré kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ju yúnìtì 2 jáde nínú lítà kan. Yúnìtì 8 di lítà 4. Káróólà lásán náà á mu tó lítà mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin lórí kìlómítà 40 yẹn, háíbíríìdì, ìyẹn ọkọ̀ tó ń lo ẹ̀ńjìnnì bẹntiróòlù àti bátìrì pọ̀, á sì mu bíi 2. Lọ́jọ́ tí tíráńsífọ́mà àdúgbò bá bàjẹ́, ọkọ̀ oníná ti di ọkọ̀ oníbẹntiróòlù tí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé nìyẹn. Ọkọ̀ mìíràn kò tilẹ̀ ní gba iná jẹnẹrétọ̀ bí kò bá rí wáyà áàtì.

Ẹ má sì fi wáyà ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ ṣáájì mọ́jú. Áḿpù 10 fún wákàtí púpọ̀ kì í ṣe eré. Bí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti ń gbóná, tó ń rùn, ẹ yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí oníná fa wáyà tó nípọn láti ibi fúùsì wá fún un lọ́tọ̀.

Àwọn kan rò pé háíbíríìdì máa fi bátìrì rìn bí epo bá tán nígbà ọ̀wọ́n epo. Kò ní ṣe é. Bátìrì háíbíríìdì bíi Toyota Prius tí kì í ṣe oníṣáájì kéré, kìlómítà kan tàbí méjì ló lè fi tì í. Bẹntiróòlù ni gbogbo oúnjẹ rẹ̀, kò kàn jẹ púpọ̀ ni. Ohun tó ń pa á níhìn-ín ni eruku pupa: afẹ́fẹ́ tó ń tu bátìrì náà lára ń gba ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn wọlé, àwọn kan sì máa ń kó ẹrù dí i. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín máa tú ibẹ̀ fọ̀.

Ní ti dísẹ́ẹ̀lì, ẹ má tìtorí pé ìlà rẹ̀ kì í gùn nílé epo kẹ́ ẹ ra èyí tó jẹ́ tuntun. Ńọ́súlù ẹ̀ńjìnnì ìgbàlódé kò lè fara da dísẹ́ẹ̀lì tí omi wọ̀, owó rẹ̀ sì lè ra ẹ̀ńjìnnì àtijọ́ kan.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ra ọkọ̀ oníná Nissan Leaf tòkúnbọ̀, kó wo etí ọ̀tún ibi tí wọ́n ń wo agbára bátìrì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìlà kéékèèké 12 ló máa ń wà níbẹ̀ nígbà tó bá wà ní tuntun. Bó bá ku 8, kò ju ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára bátìrì lọ mọ́, Leaf tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, tó lè rin bíi kìlómítà 120, ti di bíi 80 nìyẹn. Ìkẹjà ni yóò ti máa wá sọ́kẹ́ẹ̀tì tó máa fi padà wálé.