Bí mo ṣe rí pápá iná òrùka láti ara pòtẹ́ńṣà rẹ̀

Wáyà tín-ínrín kan ni wọ́n fi ṣe òrùka inú ìbéèrè físíìsì kan tí wọ́n bi mí. Láti àárín rẹ̀ dé etí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4, ṣáájì nánòkúlọ́ọ̀mù 5 sì tàn ká a lọ́gbọọgba. Ìlà kan dúró lóòró sí ojú òrùka, ó sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Wọ́n ní kí n wá pòtẹ́ńṣà níbi tó fi sẹ̀ǹtímítà 3 jìnnà sí àárín lórí ìlà yìí, kí n sì ti ibẹ̀ wá pápá iná.

Mo ya òrùka náà sínú ìwé, mo ń fi ìka tọ etí rẹ̀ yíká. Ibi yòówù kí ìka mi dúró sí, bí ó ṣe jìnnà sí ojú ibi tí wọ́n ń bi mí kò yí padà: 3 àti 4 ní ẹsẹ̀ igun mẹ́ta, 5 ní ìdábùú. Pòtẹ́ńṣà kò sì ní apá tó kọjú sí, iye lásán ni, nítorí náà gbogbo ṣáájì ni mo kà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo:

V = kQ/√(z² + R²)

V ni pòtẹ́ńṣà, Q ni ṣáájì, R ni láti àárín òrùka dé etí, z ni bí a ṣe jìnnà sí àárín lórí ìlà náà, k sì ni iye òfin Kúlọ́ọ̀mù tí kì í yí padà. kQ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 45. Mo pín in fún mítà 0.05, mo rí fólìtì 900.

Ibi tí mo ti ṣìnà nìyí: mo tún pín 900 fún 0.05, mo kọ 18,000 sílẹ̀ fún pápá iná. Nígbà tí mo dán ọ̀nà yẹn wò ní àárín òrùka gan-an ni ojú mi là. Ó ní pápá wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ṣáájì kọ̀ọ̀kan ní ẹnìkejì tó dojú kọ ọ́ ní òdìkejì, tí títì ọ̀kan ń pa ti èkejì rẹ́. Òdo ló yẹ kí ó jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pòtẹ́ńṣà ibẹ̀ ló ga jù lórí ìlà náà.

Bí pòtẹ́ńṣà ṣe ń yí padà bí a ti ń rìn lórí ìlà ni pápá ń sọ fún wa, kì í ṣe bí ó ṣe ga tó. Mo jẹ́ kí z wà bí ó ṣe wà títí mo fi rí ìyípadà náà, nítorí tí mo bá ti fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀ ṣáájú, kò ní sí ohun tó ń yí padà mọ́:

E = −dV/dz = kQz/(z² + R²)^(3/2)

Ó fún mi ní 10,800 V/m. Mo yẹ̀ ẹ́ wò: ní sẹ̀ǹtímítà 2.9, V jẹ́ 910.8, ní 3.1, ó jẹ́ 889.2. Fólìtì 21.6 ló já láàárín mítà 0.002, 10,800 náà ló sì jáde.

Lẹ́yìn náà ni mo bi ara mi pé, tí gbogbo ṣáájì bá kó sí ìdajì òrùka kan ńkọ́? V ṣì jẹ́ 900, E tó tẹ̀lé ìlà náà kò sì yí padà. Ṣùgbọ́n pápá míì á máa tì sí ẹ̀gbẹ́, èyí tí V orí ìlà yẹn nìkan kò lè fi hàn wá. Títàn tí ṣáájì tàn ká lọ́gbọọgba ló pa ti ẹ̀gbẹ́ yẹn rẹ́, tí 10,800 fi jẹ́ gbogbo pápá tó wà níbẹ̀.