Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń pín tábìlì àwọn aṣàmúlò sórí ọ̀pọ̀ sáfà

Tábìlì àwọn aṣàmúlò fúnra rẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń dá sáfà lágara. Bí ìlà kan bá gba ẹgbẹ̀rún kan báìtì, aṣàmúlò mílíọ̀nù 40 kò ju nǹkan bíi gígábáìtì 40 lọ, PostgreSQL tàbí MySQL sì lè gbé ìyẹn lórí sáfà kan ṣoṣo láìsí wàhálà. Àwọn tábìlì tí ó rọ̀ mọ́ ọn ni ẹrù náà: ìsanwó, ìfiránṣẹ́, àkọsílẹ̀ ìwọlé, tí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú wọn ń tọ́ka sí `user_id`. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí á sáré pín nǹkan kí á tó wò ó bóyá índẹ́ẹ̀sì kan ló sọnù, tàbí bóyá àkọsílẹ̀ àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́ ló ń dí ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí á gbà pé a ti yẹ gbogbo ìyẹn wò, pé pípín ti di dandan, kí á sì fi ilé iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ: áàpù ìfowóránṣẹ́ tí ó ní aṣàmúlò mílíọ̀nù 40 ní Nàìjíríà, Benin àti Togo, tí ó fẹ́ pín wọn sórí sáfà mẹ́rin. Ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ pinnu ni kọ́kọ́rọ́ ìpín, ìyẹn òpó tí a ó máa wò láti mọ sáfà tí aṣàmúlò kan wà.

Àṣìṣe tí ó máa ń kọ́kọ́ wọ inú ètò ni pípín wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀, kí mílíọ̀nù 10 àkọ́kọ́ wà lórí sáfà kìíní, kí mílíọ̀nù 10 tí ó tẹ̀ lé e wà lórí èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Iye wọn yóò dọ́gba, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò ní dọ́gba, nítorí pé gbogbo ẹni tuntun ni yóò máa wọ sáfà tí ó kẹ́yìn, àwọn ẹni tuntun náà ló sì sábà máa ń lo áàpù jù, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà aṣàmúlò ti pa tiwọn tì. Yóò wá dà bí ọjà tí gbogbo èrò wọ́ jọ sí ìsọ̀ kan. Pípín wọn nípa orílẹ̀-èdè kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: Nàìjíríà ní èèyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 200, Benin kò tó 20, Togo kò sì tó 15. Bí òfin bá ní dátà orílẹ̀-èdè kan kò gbọdọ̀ jáde nílé, a lè fi orílẹ̀-èdè ṣe ìpele àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n a óò ṣì tún Nàìjíríà pín sí wẹ́wẹ́. Nọ́ńbà fóònù pàápàá kò yẹ, nítorí pé èèyàn a máa pààrọ̀ síìmù, ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bá sì yí padà ni a óò kó gbogbo ìlà ẹni náà, nínú gbogbo tábìlì, lọ sí sáfà mìíràn.

`user_id` ló tọ́. Kì í yí padà láé, kò sí ẹni méjì tí ó jọ ní i, gbogbo tábìlì tí ó rọ̀ mọ́ aṣàmúlò ló sì ní in, tí àkọsílẹ̀ ẹnì kan yóò fi lè máa gbé pọ̀ lórí sáfà kan náà.

Ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni àṣìṣe tí ó náni lówó jù lọ wà. Ẹni tí ó ti mú kọ́kọ́rọ́ tí ó dára yóò ní kí á fi 4 pín `user_id`, kí ohun tí ó ṣẹ́kù sọ nọ́ńbà sáfà. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọjọ́ tí a bá fi sáfà karùn-ún kún un. Ní ọjọ́ náà, kìkì àwọn tí ohun tí ó ṣẹ́kù nínú wọn jẹ́ ọ̀kan náà, yálà a fi 4 pín wọn tàbí a fi 5, ni yóò dúró sí àyè wọn. Nínú nọ́ńbà ogún láti 0 dé 19, mẹ́rin péré ló rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn 0, 1, 2 àti 3, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí nínú ogún kọ̀ọ̀kan tí ó tẹ̀ lé e. Aṣàmúlò mílíọ̀nù 32 nínú 40 ni yóò ṣí kúrò, tàwọn ti owó wọn, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń fi áàpù náà ránṣẹ́.

Ohun tí ó yẹ ni pé kí á má so aṣàmúlò mọ́ sáfà ní tààrà. Kí á kọ́kọ́ pín wọn sí àpò 1024, iye tí a kò ní yí padà mọ́, kí tábìlì kékeré kan sì máa sọ sáfà tí àpò kọ̀ọ̀kan wà. Sáfà mẹ́rin yóò gba àpò 256 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìkarùn-ún bá dé, a ó mú nǹkan bí àpò 51 láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un, aṣàmúlò bíi mílíọ̀nù 8 ló sì máa ṣí, àpò kan lẹ́yìn òmíràn. Irú ọgbọ́n yìí ni Redis Cluster ń lò pẹ̀lú àyè 16384 rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí ẹ ó fi ṣírò àpò náà. Láti Python 3.3, `hash()` máa ń fún ọ̀rọ̀ kan náà ní iye tí ó yàtọ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá tún ètò bẹ̀rẹ̀, àyàfi tí a bá pa àṣà yẹn. Ẹni tí ó bá gbé ara lé e yóò máa wá àwọn aṣàmúlò rẹ̀ níbi tí wọn kò sí. Ọ̀nà tí gbogbo èdè kọ̀ǹpútà lè ṣe bákan náà, bíi `md5`, ló dára. Bí ó bá jẹ́ PostgreSQL ni a ń lò, a lè dán an wò báyìí lórí sáfà kan tí a ní, kí á tó kó ohunkóhun:

```sql
SELECT mod(('x' || substr(md5(id::text), 1, 8))
           ::bit(32)::bigint, 1024) AS apo,
       count(*)
FROM users
GROUP BY apo ORDER BY 2 DESC LIMIT 10;
```

Nínú mílíọ̀nù 40, nǹkan bí 39,000 ni àpò kọ̀ọ̀kan yẹ kí ó ní. Kí á tún ṣe ìṣirò kan náà lórí tábìlì ìsanwó, nítorí oníṣòwò ńlá kan ṣoṣo lè ní ìsanwó tí ó ju ti àpò mìíràn lápapọ̀ lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí á fi àpò rẹ̀ sórí sáfà tí kò kún.

Àṣìṣe mìíràn ni gbígbàgbé pé ímeèlì ni èèyàn fi ń wọlé, kì í ṣe `user_id`. Bí kò bá sí ohun tí ó so méjèèjì pọ̀, ìwọlé kọ̀ọ̀kan yóò bi gbogbo sáfà léèrè, èyí tí ó lọ́ra jù nínú wọn ni yóò sì pinnu ìgbà tí ìdáhùn máa dé. Bí ìdáhùn kan nínú ọgọ́rùn-ún bá ń pẹ́ lórí sáfà kan, tí a sì wá ní sáfà ogún, nǹkan bí ìwọlé 18 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò pẹ́. `UNIQUE` pàápàá kò ní dáàbò bo ímeèlì mọ́, nítorí pé sáfà kọ̀ọ̀kan kò mọ̀ ju ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. A nílò tábìlì kan tí ó ní `email` àti `user_id` nìkan, tí a fi `email` ṣe kọ́kọ́rọ́ ìpín rẹ̀, tí `UNIQUE` sì wà lórí rẹ̀. Níbẹ̀ ni a ó ti kọ́kọ́ gba ímeèlì náà sílẹ̀ kí á tó kọ ìlà aṣàmúlò. Bí iná bá lọ láàrin méjèèjì, ímeèlì yóò wà tí kò ní ẹni tí ó ni ín, nítorí náà kí iṣẹ́ kan máa ká àwọn tí ó ti ju wákàtí kan lọ kúrò.

Èyí tí ó kù ni ìfowóránṣẹ́ láàrin ẹni méjì. Lórí sáfà mẹ́rin, mẹ́ta nínú mẹ́rin irú rẹ̀ ni yóò kan sáfà méjì bí a bá pín wọn báyìí, `COMMIT` kan kò sì lè di méjèèjì mú pọ̀. Kí á má ṣe yọ owó níbí kí á sì fi kún un lọ́hùn-ún nínú ìgbésẹ̀ méjì tí kò mọra. Lórí sáfà ẹni tí ó ń ránṣẹ́, kí á yọ owó náà kí á sì kọ ìlà kan tí ó ní «kò tíì dé», inú `COMMIT` kan náà. Iṣẹ́ mìíràn yóò wá gbé e lọ bá ẹni tí ó ń gbà, pẹ̀lú nọ́ńbà ìfiránṣẹ́ tí `UNIQUE` wà lórí rẹ̀ lọ́hùn-ún, pé bí ó bá tilẹ̀ dé lẹ́ẹ̀mejì, owó kò ní wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.