Nígbà tí 2 bá jọ S: bí mo ṣe tún pépà ọmọ kan máàkì

Ìyá ọmọ náà ló gbé pépà padà wá. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni, àwọn ọmọ ṣì wà lórí ìlà. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú o. Mo ní kó kà á fún mi lálẹ́ àná. Èyí tó gbà ju mẹ́rin lọ.”

Mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni mo fún ọmọ náà. Kíláàsì kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń kọ́ n'Ìbàdàn, ọmọ ọdún mẹ́fà sì ni ọmọbìnrin ọ̀hún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mo ní n óò tún un wò. Nígbà tí ọwọ́ dilẹ̀ lọ́sàn-án, mo tẹ́ pépà náà síwájú, mo sì rí i pé bí nọ́ńbà ṣe rí lójú mi ni mo máàkì. N kò wá ohun tí ọmọ ní lọ́kàn rárá.

Ìṣirò mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Mo ti fi àyè kékeré sílẹ̀ níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn kọ 1 títí dé 10. Àyè yìí ló gbà mí. Ohun tó kọ síbẹ̀ kò ní àríyànjiyàn: èyí tó wà níwájú ìbéèrè kejì, 2 ló fẹ́ kọ, bó ti wù kó rí. Mo wá fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ pépà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. 2 rẹ̀ kọjú sódì, ó jọ lẹ́tà S. 3 rẹ̀ jọ E tí kò ní igun. Orí 7 rẹ̀ nà sápá ọ̀tún dípò òsì. Ṣùgbọ́n 4, 5, 6, 8 àti 9 rẹ̀ tọ́.

Kì í ṣe pé ó kàn ń kọ ọ́ bó ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ wo 2, 3 àti 7 dáadáa, òsì ni gbogbo wọn kọjú sí. Púpọ̀ nínú lẹ́tà ńlá tí a fi ń kọ́ wọn, B, D, E, F, K, P, R, apá ọ̀tún ni wọ́n kọjú sí. Ọmọ ti fọkàn gbà pé ibẹ̀ ni gbogbo ohun kíkọ ń kọjú sí, ló bá yí àwọn tó yàtọ̀ sẹ́yìn. Ọmọ ọdún márùn-ún, mẹ́fà, máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì fi í sílẹ̀ tó bá yá.

Mo padà sí àwọn ìdáhùn. Níbi 1 + 1, mo ti fà á nítorí mo ka 5. Mo fi wé 2 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pépà, ọ̀kan náà ni. 2 + 1, E ni mo rí, 3 ni. 4 + 3, 7 tó yí orí padà ni. Mẹ́ta nínú mẹ́fà tí mo fà ti gbà, láìtíì pe ọmọ.

Mẹ́ta ló kù: 7 + 5 tó kọ 21 sí, 3 + 3 tó kọ 9 sí, àti 8 − 3 tó kọ 11 sí. Fún ìwọ̀nyí, mo pè é wá sídìí tábìlì mi. Ohun kan wà tí mo ti kọ́ nípa pípe ọmọ wá kàwé: bí ó bá rí ìbéèrè, yóò tún un ṣírò lójú ẹsẹ̀, ìdáhùn tuntun ni yóò sì sọ fún ọ. Nítorí náà, mo fi rúlà bo ìbéèrè mọ́lẹ̀, ìdáhùn nìkan ló hàn. N kò sì bi í pé “Ṣé mẹ́sàn-án ni?”, torí ọmọ ọdún mẹ́fà yóò gbà fún àǹtí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Mo kàn ní, “Kà á fún mi, ọmọ dáadáa.”

Ó wo 21, ó ní, “Méjìlá.” Mo da ìdérí ìgò sílẹ̀, mo ní kó ṣe 7 + 5 fún mi. Ó ka méje, ó ka márùn-ún, ó kà wọ́n pọ̀, ó dé méjìlá. Ìṣirò tọ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi kọ 21? Mo ní kó kọ mẹ́tàlá, ó kọ 31, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 3 náà kọjú sódì. Mo ní kó kọ mẹ́rìnlá, ó kọ 41. Ó yé mi wàyí. Ẹnu ló ń tẹ̀ lé: nínú “méjìlá”, èjì la kọ́kọ́ ń gbọ́ kí “lá” tó dé, òun náà sì kọ ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ síwájú. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí kò tíì rọ̀, ipò ẹ̀wá àti ẹyọ ni kò tíì yé e. Mo fún un ní máàkì ìṣirò náà, nítorí ìròpọ̀ ni mo bi í, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi pé a ó fi igi tí a dì ní mẹ́wàá-mẹ́wàá ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ti 9 ni mo fẹ́ yọ́nú sí jù. Ó wù mí kí n sọ pé 6 tó yí padà ni. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ 6 sódì bí ẹni wo dígí, kì í di 9. Àfi bí a bá dorí rẹ̀ kodò. 6 àti 9 rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pépà sì tọ́. Nígbà tí mo bò ó, ó ní, “Mẹ́sàn-án.” Mo ní kó fi ìdérí ìgò ṣe é. Ó to mẹ́ta, ó tún to mẹ́ta, ó sì tún to mẹ́ta mìíràn. Mo bi í pé kí ló dé tí òkìtì fi di mẹ́ta. Ó na ìka sí pépà, ó ní, “Àǹtí, mẹ́ta ni wọ́n kọ síbẹ̀.” Àṣìṣe ni lóòótọ́, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ti 8 − 3 náà, mọ́kànlá ló kà, ó rò ó pọ̀ ni, kò wo àmì ìyọkúrò.

Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yìn pépà ni àwòrán tí wọ́n ní láti kọ orúkọ wọn sí. Lábẹ́ adé, ó kọ “abe”. Nínú ọ̀rọ̀ mìíràn, d rẹ̀ kan náà kọjú sódì, mo gbà á. Lẹ́tà tó ń gòkè tó ń sọ̀ lórí ìlà, a tí orí rẹ̀ kò pa dé tó fi dà bí u, n kò fa ìkankan nínú wọn. Àmì ìsàlẹ̀ nìkan ni mo dúró lé. Lábẹ́ ọkọ́, ó fi àmì sí o àkọ́kọ́, ó sún lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan k, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. O kejì kò ní rárá. Àmì tó sún kúrò ní àyè rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọwọ́ nìyẹn. Èyí tí kò sí, ọ̀rọ̀ sípẹ́lì ni, torí ohùn o àti ọ kò dọ́gba. Mo bi í kí n tó fà á, ó ní òun ò gbàgbé, òun ò mọ̀ pé ó yẹ kó wà níbẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà, apá méjì ni mo ń pín máàkì sí. Bírò pupa wà fún ìdáhùn nìkan. Pẹ́ńsù ni mo fi ń kọ nọ́ńbà tí mo gbà pé ọmọ ní lọ́kàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó yí padà, kékeré, kí òbí lè rí i, kí èmi náà sì lè yí i padà bí ọmọ bá kà á yàtọ̀. Bí n kò bá lè ka nǹkan kan, tí ọmọ náà kò sì lè kà á, n kì í fún un ní máàkì, n kì í sì fà á. Yóò tún un ṣe fún mi lẹ́nu. Ìkọ̀wé fúnra rẹ̀ ní àsìkò tirẹ̀: ìṣẹ́jú mélòó kan láàárọ̀, nínú iyẹ̀pẹ̀, 2, 3 àti 7 nìkan, pẹ̀lú òkúta kékeré kan níbi tí ìka yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ tí èyí ṣì ń ṣe é, tí ìwé kíkà náà sì ń nira fún un, ni mo máa ń pe òbí rẹ̀ sí.

Nígbà tí ìyá náà dé lálẹ́ láti mú un lọ, mo fi pépà hàn án, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe ní kí ọmọ tún gbogbo rẹ̀ kọ nílé. Ó wo 21 tí mo yí ká. “Àǹtí, èyí náà gbà?” Mo ní kí ó jókòó, mo da ìdérí ìgò sílẹ̀ fún òun náà.