Ya Orí Kòkòrò Náà, Má Ya Ihò Ewé

Láti ìgbà tí àámíwọ́ọ̀mù, kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo, ti wọ ilẹ̀ wa ní 2016, fọ́tò ewé àgbàdo tó ti lu ni ẹ fi ń ránṣẹ́ sí wa jù. Ihò lásán! Ihò kì í sọ ẹni tó lu ú. Tata ń jẹ ewé, àwọn kòkòrò mìíràn náà ń jẹ ẹ́, síbẹ̀ ẹ ti ra oògùn kí ẹ tó mọ ẹni tí ẹ ń bá jà.

Bí ewé bá ti lu, ẹ rọra tú ọkàn àgbàdo náà, níbi tí ewé tuntun ti ń ká jáde. Bí ìgbẹ́ tútù tó dà bí èérún igi tí ayùn gé bá wà níbẹ̀, kòkòrò náà kò jìnnà. Ẹ gbé e sórí ewé, kì í ta èèyàn. Ẹ ya fọ́tò méjì, kí fóònù sún mọ́ ọn dáadáa: ọ̀kan fún orí, ọ̀kan fún ìdí láti òkè. Ẹ pa iná fóònù, nítorí dídán rẹ̀ ń bo àmì mọ́lẹ̀.

Lójú orí, ẹ wo ìlà funfun tó dà bí igi rọ́bà táwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ, tí a dorí rẹ̀ kodò. Nítòsí ìdí, ẹ wo tóótó dúdú mẹ́rin tó tò bí igun àpótí. Àmì méjèèjì gbọ́dọ̀ pé. Ẹ má wo àwọ̀: ó lè jẹ́ àwọ̀ ewé, ó lè jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, ó sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kì í hàn dáadáa, ẹ wá èyí tó tóbi nínú ebè kan náà. Èyí tó pọ́n díẹ̀, tí ara rẹ̀ ń dán, tó wà nínú igi àgbàdo, kì í ṣe òun. Oògùn tí ẹ fín sí ewé kò lè dé ọ̀dọ̀ ìyẹn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan páǹpù, ẹ ka igi 20 ní ibi márùn-ún nínú oko. Igi tí ìgbẹ́ tútù tàbí kòkòrò wà nínú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ kà. Nígbà tí ewé kò tíì ju mẹ́fà sí méje lọ, 20 nínú 100 ni kó pé kí ẹ tó fín. Lẹ́yìn ìyẹn, 40. Tí ó bá ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ẹ gbé páǹpù sílẹ̀.

Bàbá kan ka 31 lóko rẹ̀ tó ní ewé mẹ́fà, ó ní ó ti ju 20 lọ. Mo bá a tú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú 18, ìgbẹ́ ti gbẹ, ẹni tó yà á ti wọnú ilẹ̀ lọ di labalábá òru. Kòkòrò wà nínú 13 péré. A fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n pa kí oòrùn tó mú. Lọ́jọ́ kẹrin ó tún kà, 6 ló rí. Oògùn tó ti rà ṣì wà nínú àpò, kò tíì já ìdérí rẹ̀.