Sípíà Tí Kò Ní Afẹ́fẹ́: Ohun Tí Ẹ Ó Yẹ̀ Wò Kí Ọkọ̀ Yín Tó Gba Ọ̀nà Jíjìn

Ẹrù oko tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà ló jẹ́ ká kọ ìwé yìí. Táyà ẹ̀yìn jò nírọ̀lẹ́. Awakọ̀ ní sípíà, ó ní jáàkì, ó ní sípánà. Ìgbà tó gbé sípíà sílẹ̀ tó fi géèjì wọ̀n ọ́n, PSI 9 ló rí níbi tó yẹ kó rí 33. Ọkọ̀ sùn síbẹ̀. Kí wọ́n tó rí fọkanáísà lọ́jọ́ kejì, ẹrù ìsàlẹ̀ ti ń ṣomi.

Àṣìṣe yìí là ń rí lójoojúmọ́: ẹ ka sípíà mọ́ ohun tẹ́ ẹ ní, ẹ ò wọ̀n ọ́n. Táyà máa ń tú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ bó tilẹ̀ wà nínú búútù. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, pẹ̀lú mẹ́rin yòókù. Iye tó yẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bó bá jẹ́ sípíà tín-ín-rín, PSI 60 ló sábà máa ń gbà, ẹ kò sì gbọdọ̀ sáré ju 80 kìlómítà ní wákàtí kan lọ lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi sípánà inú ọkọ̀ gan-an tú nọ́ọ̀tì kan nílé. Ẹ má fi ti mẹkáníìkì dán an wò. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ti fún ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀tì ju agbára ọwọ́ lọ. Bí kò bá yí, ẹ wá páìpù irin tó gùn tó 60 sẹ̀ǹtímítà tẹ́ ẹ ó kì bọ ẹnu ọwọ́ sípánà. Títú nìkan la fi ń ṣe, a kì í fi fún nọ́ọ̀tì. Ẹ mú pákó kan tó fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà dání fún ìdí jáàkì, torí ilẹ̀ rírọ̀ a máa gbé jáàkì mì. Ẹ kọ́kọ́ dẹ gbogbo nọ́ọ̀tì ní ìlàjì ìyípo kí táyà tó kúrò nílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rin 80 kìlómítà, ẹ tún wọn fún.

Fíúsì, fáànù bẹ́líìtì àti lítà kan ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ẹ ti mọ ìwọ̀nyẹn.

Kẹ́ẹ̀gì omi méjì ni kẹ́ ẹ gbé, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ti mímu jẹ́ lítà 4 fún ẹnì kan lójúmọ́. Ti radiétọ̀ jẹ́ lítà 5, kẹ́ ẹ sì kọ nǹkan sára rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ẹ pa á, ẹ dúró ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá ṣí ìdérí radiétọ̀ nígbà tó ṣì ń hó, ojú rẹ̀ ló ń fi wewu.

Láìsẹ́nsì, ìwé ọkọ̀ àti inṣọ́ránsì: ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n máa parí, kó kọjá ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ ń lọ nìkan. Ẹ fi wọ́n sínú ọ̀rá, kí wọ́n wà nítòsí awakọ̀.

Ẹrù ni kẹ́ ẹ dì kẹ́yìn. Awakọ̀ tá a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ní láti já àpò méjìlá sílẹ̀ nínú òkùnkùn kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan jáàkì. Abẹ́ ìjókòó iwájú ni kí jáàkì, sípánà, páìpù àti tọ́ọ̀ṣì máa wà.