Owó ìtẹ̀wé ẹ̀ẹ̀mejì lórí pátákó kan náà

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sanwó ìtẹ̀wé lórí àwọn pátákó ìtọ́nisọ́nà kan náà, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí, nítorí pé kò sí àbùkù nínú ìtumọ̀ tí mo fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ tí mo gbà ni láti túmọ̀ àwọn pátákó àti ìkéde pápákọ̀ òfurufú kan, pẹ̀lú ti ilé ìtura tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sí èdè Faransé àti èdè Lárúbáwá. Títúmọ̀ ọ̀rọ̀ kò pẹ́ rárá, ti Faransé sì lọ láìsí wàhálà. Ti Lárúbáwá ni wọ́n gbé kọ́ sára ògiri tán kí ẹnikẹ́ni tó pè mí wá wò ó.

Apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń ka Lárúbáwá bọ̀ sí òsì, púpọ̀ nínú lẹ́tà rẹ̀ ló sì máa ń so mọ́ra, tí ìrísí lẹ́tà kan náà máa ń yí padà bó bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ní àárín tàbí ní òpin ọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ìsopọ̀ yìí fúnra rẹ̀. Nínú fáìlì tèmi, gbogbo rẹ̀ gún régé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó ń ya pátákó dà á sínú ètò ìyàwòrán tirẹ̀, tí wọn kò ṣètò fún irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀, ètò náà tú àwọn lẹ́tà ká, ó sì tò wọ́n láti òsì sí ọ̀tún.

Ẹni tí kò gbọ́ Lárúbáwá pàápàá lè fojú mọ àṣìṣe yìí. Lẹ́tà mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ fún ìjáde. Èyí àkọ́kọ́ ní àmì tótó kan lókè, ó sì gbọ́dọ̀ wà ní ìpẹ̀kun apá ọ̀tún, kí ó so mọ́ èkejì. Èyí tó kẹ́yìn ní àmì tótó tirẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì dá dúró ní ìpẹ̀kun òsì. Lára ògiri yẹn, àmì tótó òkè ló wà lápá òsì, lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Arìnrìn-àjò tó ń wá ọ̀nà kò lè rí ọ̀rọ̀ kankan kà níbẹ̀.

Èyí tó bí mi nínú jù ni àtúnṣe tí wọ́n kọ́kọ́ dábàá. Wọ́n ní àwọn yóò fọwọ́ yí ìlà ọ̀rọ̀ náà padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní kí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ hàn mí, mo sì rí i pé nọ́ńbà ti bá ọ̀rọ̀ yí: ẹnu ọ̀nà 24 ti di 42, nígbà tó jẹ́ pé láti òsì sí ọ̀tún ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà nínú Lárúbáwá náà. Lẹ́tà kò sì tíì so mọ́ra. Wọ́n tún yí gbogbo àwòrán padà bí ìgbà tí a ń wò ó nínú dígí, tí ọ̀tún di òsì, kí ó lè bá èdè náà mu, àmọ́ ibi tí ilẹ̀kùn wà gan-an ni àmì ọfà gbọ́dọ̀ tọ́ka sí, èdè yòówù kí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti ilé ìtura léwu jù. Nínú ISO 7010, ìlànà àgbáyé fún àwọn àmì ààbò, àmì aláwọ̀ ewé ti ẹni tó ń sáré jáde ní nọ́ńbà méjì: E001 fún òsì, E002 fún ọ̀tún. Bí a bá yí àwòrán padà bẹ́ẹ̀, èkínní á di èkejì, ẹni tó ń sá fún iná á sì kọrí síbi tí kò sí ilẹ̀kùn. Mo kọ̀ láti fọwọ́ sí i.

Nínú InDesign, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to ojú ìwé, ni a ti yanjú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n yan `Adobe World-Ready Paragraph Composer` fún àwọn ìpínrọ̀ Lárúbáwá, kí wọ́n tún fi ìbẹ̀rẹ̀ ìlà sí apá ọ̀tún. Ojú ẹsẹ̀ ni àwọn lẹ́tà so mọ́ra, 24 sì dúró ní 24. Lẹ́yìn tí mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sọ àwọn lẹ́tà di àwòrán kí kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé má baà tún tú wọn ká.

Orí ìkéde ni inú mi ti dùn jù, nítorí wọ́n gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu níbẹ̀. Mo ní kí ẹni tó ka ìkéde sínú ẹ̀rọ ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, bí ó ṣe ń dún láàárín gbólóhùn àti bí ó ṣe ń dún ní òpin rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ohùn náà kò fi já níbi tí wọ́n ti lẹ nọ́ńbà mọ́ gbólóhùn.

Nísinsìnyí, kí n tó gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àdéhùn pé èmi ni n óò wo fáìlì tó ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé gbẹ̀yìn, àti pé ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ láìfi hàn mí ni yóò san owó ìtẹ̀wé kejì.